Ẹ Yí I Padà, Ẹ Ya Ẹ̀yìn Rẹ̀: Bí Fọ́tò Ṣe Ń Sọ Irú Aago, Okùn àti Áàpù Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwọn tó ń ta okùn aago ń gbà lórí Wáàsáàpù ló jọ ara wọn: ọwọ́ kan, aago dúdú kan lórí rẹ̀, àwòrán òdòdó tàbí ti ọmọ oníǹkan lójú aago náà. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e náà kì í ju ọ̀kan lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní okùn eléyìí?" Ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó máa kọ padà ni, "Ẹ yí i padà, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀."

Ojú aago tó ń tàn yẹn kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ni ín lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, àwọn tó ń ṣe ayédèrú sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú Apple Watch sórí aago tí kò bá Apple tan rárá. Ohun tí ẹnì kan kò lè fìka pààrọ̀ ni ara aago fúnra rẹ̀: ìrísí rẹ̀, iye bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí okùn ti wọ inú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ mọ irú sìmáàtì-wọ́ọ̀ṣì tàbí báńdì ìdárayá tó wà nínú fọ́tò yóò máa wò.

Ìbéèrè méjì ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa pọ̀ mọ́ ara wọn. Okùn wo ló máa bá aago náà mu? Áàpù wo ni fóònù máa fi bá a sọ̀rọ̀? Aago méjì lè lo okùn kan náà kí áàpù wọn má sì jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn rí aago tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ń tà lórí ẹ̀rọ ayélujára. "Galaxy Watch, ó mọ́ tónítóní," ni olùtajà kọ sábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: aago roboto dúdú, bọ́tìnnì méjì lápá ọ̀tún, okùn rọ́bà dúdú. Áífóònù ni ọmọbìnrin yìí ń lò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá aago náà máa bá fóònù òun ṣiṣẹ́, àti bóyá òun lè yọ okùn rọ́bà yẹn kí òun fi aláwọ sí i.

Samsung nìkan ti ṣe oríṣiríṣi aago tó bá àpèjúwe yìí mu. Galaxy Watch Active2 ti ọdún 2019 wà níbẹ̀, Galaxy Watch4 ti ọdún 2021 wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Watch5 ti ọdún 2022 àti Watch6 ti ọdún 2023. Roboto ni gbogbo wọn, bọ́tìnnì méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń wá nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni òrùka. Bí òrùka tó ṣeé fọwọ́ yí bá yọrí sókè yí gíláàsì ká, inú ìdílé tí wọ́n ń pè ní Classic àti àwọn àgbà rẹ̀ la máa wá a lọ. Ti ọmọbìnrin yìí kò ní òrùka, nítorí náà a ti lè fi àwọn yẹn sílẹ̀.

Ibì kejì tí ojú máa ń lọ ni oríta tí okùn àti aago ti pàdé. Okùn tí Samsung fi sára Watch4 láti ilé-iṣẹ́ ní ẹnu tó tẹ̀ kọrọdọ, tó sì lẹ̀ mọ́ ara aago débi pé kò fi àlàfo sílẹ̀. Okùn tó ní ẹnu gbọọrọ, tó jẹ́ pé èèyàn ń rí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òun àti aago, máa ń mú kí èèyàn fura sí nǹkan mìíràn. Àmì tó dára ni, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ sanwó. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ okùn rí ti pa àmì yẹn rẹ́, ta ni yóò sì ra aago ní tòkunbọ̀ tí kò ní í bá okùn tó ti pààrọ̀ pàdé?

Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ẹ̀yìn fi ṣe kókó. Lẹ́yìn aago Samsung, yípo ibi tí iná aláwọ̀ ewé ti máa ń ṣẹ́jú, wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SM-R. Nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni orúkọ gidi aago náà. Bó bá jẹ́ SM-R820, Active2 tó tóbi ni, ìyẹn mìlímítà 44. Bó bá jẹ́ SM-R870, Watch4 tó tóbi bákan náà ni. SM-R910 ni Watch5, SM-R940 sì ni Watch6. Àwọn kékeré inú ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiwọn. Òǹkà tó gbẹ̀yìn náà sì ń sọ̀rọ̀: bí òdo ni, aago náà kò ní láìnì tirẹ̀, ara fóònù ló gbára lé. Bó bá jẹ́ 5, bíi SM-R875, a ṣe é kó lè gba láìnì, pẹ̀lú síìmù tó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí a kì í fọwọ́ kàn. Aago tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń ní lẹ́tà U lẹ́yìn rẹ̀, SM-R875U. Irú èyí kì í ṣe ìjákulẹ̀. Bí láìnì inú rẹ̀ kò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ níbí, ó ṣì máa bá fóònù ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ bulutúùtù.

Yíya ẹ̀yìn aago ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí gíláàsì dúdú ni, iná kámẹ́rà sì máa ń sọ gíláàsì di jígí. Kí olùtajà pa iná kámẹ́rà, kó fi aṣọ nu òógùn àti òróró ara kúrò, kó gbé aago sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, kó wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba ara lẹ́tà náà kọjá. Kó má sún mọ́ ọn jù, nítorí kámẹ́rà tó bá sún mọ́ nǹkan jù kì í ríran. Kó dúró níbi tí ó jìnnà díẹ̀ kó sì fa àwòrán wá sítòsí. Bí lẹ́tà bá ti pa rẹ́ pátápátá, ó ṣì kù ọ̀nà kan: kó tan aago náà, kó wọ Settings, kó sọ̀kalẹ̀ dé About watch, kó ya ohun tó bá rí níbẹ̀. Olùtajà tó bá ní aago náà lọ́wọ́ lóòótọ́ kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣe èyí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò sí àyè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fọ́tò ẹlòmíràn ló ń pín kiri.

Fọ́tò ẹ̀yìn wá dé, ohun tó wà níbẹ̀ sì ni SM-R870. Watch4 ni. Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ọmọbìnrin yẹn ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

Títí di ọdún 2021, Tizen ni Samsung ń fi ṣe aago rẹ̀, áífóònù sì lè bá irú aago bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Látorí Watch4 ni ilé-iṣẹ́ náà ti bọ́ sórí Wear OS tí òun àti Google jọ ṣe, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ áífóònù láti ọjọ́ yẹn. Kò sí áàpù tí ọmọbìnrin yìí lè gbé sórí fóònù rẹ̀ tí yóò yí i padà. Ká ní SM-R820 ló jáde lẹ́yìn aago náà ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, nítorí wọ́n ṣe Active2 kó lè bá áífóònù lò. Ṣùgbọ́n àgbà ni òun náà ti dà: Samsung ti pa ilé ìtajà áàpù Tizen dé ní ọdún 2025, ẹni tó bá rà á lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó bá a nínú aago náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó máa ní.

Bí ọmọbìnrin náà bá gbé aago yẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń lo Tecno ńkọ́? Ó máa ṣiṣẹ́. Galaxy Wearable ni áàpù tí ẹ̀gbọ́n máa gbé sórí fóònù láti so ó pọ̀, ìgbésẹ̀ rẹ̀, oorun rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù á sì máa wọlé sínú Samsung Health. Ibi tí ó ti máa kọsẹ̀ ni ìfúnpá. Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti yíya àwòrán ìlù ọkàn wà nínú áàpù mìíràn tó ń jẹ́ Samsung Health Monitor, èyí tí wọ́n ṣe fún fóònù Samsung Galaxy nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ra Watch4 fún màmá tàbí bàbá wọn tí ìfúnpá ń dà láàmú, tí wọ́n wá rí i pé fóònù tó wà lọ́wọ́ àgbà náà kò gba áàpù yẹn. Kódà fún ẹni tó ní fóònù Samsung, aago kò lè dá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láìsí ẹ̀rọ ìwọnfúnpá tí a ń wé mọ́ apá: ẹ̀rọ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ, kó sì máa tún un kọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin.

Ní ti okùn, ìdáhùn rẹ̀ dùn. Mìlímítà 20 ni àlàfo okùn Watch4, 20 náà sì ni ti Active2. Okùn aláwọ tó bá wọ ọ̀kan máa wọ èkejì.

Àlàfo yẹn ló yẹ kí èèyàn mọ̀, kì í ṣe bí aago ṣe tóbi tó. Etí méjì tó yọ lára aago lókè àti nísàlẹ̀ ló máa ń gba okùn mọ́ra, irin tẹ́ẹ́rẹ́ onísípíríǹgì kan sì dábùú láàárín wọn. Bí àlàfo láti etí kan dé èkejì ṣe fẹ̀ tó ni orúkọ okùn: 18, 20 àti 22 ló pọ̀ jù lọ́jà. Ẹni tó bá fi títóbi aago ra okùn á rà á lásán. Galaxy Watch ti ọdún 2018 tó jẹ́ mìlímítà 46 gba okùn 22. Watch4 Classic tí òun náà jẹ́ 46 gba okùn 20. Okùn 22 kò ní í wọ inú àlàfo 20 rárá; èyí tó léwu ni kí èèyàn ki okùn 18 bọ inú 20. Ó máa wọlé, ó máa dúró, ṣùgbọ́n á máa rìn sọ́tùn-ún sósì lórí irin náà títí irin á fi yọ lẹ́nu ihò rẹ̀, tí aago á sì já bọ́ sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí èèyàn wọn àlàfo yìí láti inú fọ́tò, bí ohun kan tí gbogbo ayé mọ̀ bí ó ṣe tóbi tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Káàdì báǹkì ló dára jù. Báǹkì yòówù kó jẹ́, orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, mìlímítà 54 ni káàdì fi fẹ̀, ó sì gùn tó 85 àti ààbọ̀ àti díẹ̀. Kí ẹni tó ní aago tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, kó fi káàdì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó ya wọ́n láti òkè gan-an. (Kó fi bébà bo nọ́ńbà káàdì mọ́lẹ̀ o, níwájú àti lẹ́yìn, káàdì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.) Bí fọ́tò bá ti dé ọwọ́ olókùn, kó ṣí i lórí fóònù tirẹ̀, kó gbé káàdì báǹkì tirẹ̀ lé orí sikirínì, kó wá fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi títí ìbú káàdì inú fọ́tò á fi dọ́gba pẹ̀lú ìbú káàdì gidi. Àwòrán náà ti di ìwọ̀n ojú ayé nìyẹn. Kó fi rúlà wọn àlàfo etí aago náà ní tààràtà.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń ba ọ̀nà yìí jẹ́, ibi tí kámẹ́rà ti dúró sí ni. Káàdì sùn lélẹ̀ pẹrẹsẹ, aago ga ju tábìlì lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ohun tó bá sì sún mọ́ kámẹ́rà máa ń dà bíi pé ó tóbi jù. Bí kámẹ́rà bá wà ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sókè, àlàfo tó jẹ́ 20 lè jáde bíi 20 àti ìdá méje nínú mẹ́wàá, èyí tó máa mú kí olókùn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa 21. Bí kámẹ́rà bá dúró ní mítà kan sókè tí a wá fa àwòrán wá sítòsí, àṣìṣe yẹn á dín kù dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá, èyí tí kò lè da ẹnikẹ́ni rú. Fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ kò wúlò fún èyí rárá.

Báńdì ìdárayá kò ní etí, ọgbọ́n yìí kò sì ràn án. Ẹ wo ìdílé Mi Band ti Xiaomi tó kún ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ dà bíi kóró kan, inú rọ́bà ló máa ń jókòó sí. Bí kóró bá fi mìlímítà méjì péré fẹ̀ ju rọ́bà lọ, kò ní í wọlé. Bó bá kéré, á já bọ́ lójú ọ̀nà. Nínú ìdílé yìí, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ń lo okùn kan náà, ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà ń lo òmíràn, èkeje dá tirẹ̀ ní, nígbà tó sì di ẹ̀kẹjọ ní ọdún 2023, Xiaomi pa ètò rọ́bà yẹn tì: okùn wá di méjì, ọ̀kan ń há sí òkè, ọ̀kan ń há sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹsàn-án tẹ̀ lé ẹ̀kẹjọ nínú èyí.

Láti iwájú, àwọn àmì wọn kò ṣòro. Ẹ̀kẹta kò ní àwọ̀, lẹ́tà funfun ló ń fi hàn, bọ́tìnnì rẹ̀ sì jìn wọ inú díẹ̀ bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹrin ní àwọ̀, ojú rẹ̀ tẹ́jú, òrùka kékeré kan sì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀karùn-ún jọ ẹ̀kẹrin púpọ̀, àfi pé ojú rẹ̀ tóbi díẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹfà kò ní bọ́tìnnì rárá. Ojú rẹ̀ kún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí àwọn olókùn ti máa ń jìn sí kòtò ni láàárín ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún, nítorí fọ́tò kì í fi bí nǹkan ṣe tóbi tó hàn. Ìbéèrè kan ló máa ń là á: "Ṣé ẹ máa ń yọ ọ́ kúrò nínú rọ́bà kí ẹ tó ṣájì rẹ̀?" Bí oníbàárà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀kẹrin ni tàbí ẹ̀kẹta. Bó bá ní ṣájà rẹ̀ máa ń fi máàgínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú rọ́bà, ẹ̀karùn-ún ni tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ ìdánilójú, kó yọ kóró náà jáde kó ka ara rẹ̀: XMSH05HM ni ẹ̀kẹta, XMSH07HM ni ẹ̀kẹrin, XMSH10HM ni ẹ̀karùn-ún, XMSH15HM ni ẹ̀kẹfà.

Áàpù ìdílé yìí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Mi Fit ni wọ́n kọ sínú ìwé tó wà nínú páálí àwọn tó pẹ́ díẹ̀, ẹni tó bá sì wá a lónìí lè má rí i, nítorí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Zepp Life. Láti ẹ̀kẹjọ síwájú, Mi Fitness ni áàpù wọn. Ẹni tó bá gbé áàpù èkíní wá fún báńdì èkejì á máa wá a títí lórí bulutúùtù lásán, á sì rò pé báńdì náà ti bàjẹ́. Ìṣòro kejì jẹ́ ti tòkunbọ̀: báńdì tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò tú kúrò lára àkáǹtì rẹ̀ máa ń kọ̀ láti bá ẹlòmíràn lọ. Kí olùtajà tú u lójú ẹni tó ń rà á.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ju okùn lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Fitbit pe aago rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ionic padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á, nítorí bátìrì rẹ̀ lè gbóná débi tí yóò fi jó èèyàn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, Fitbit ti gba ìròyìn èèyàn 78 tó ti jóná. Ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí dọ́là 299 fún ẹni tó bá dá a padà. Aago onígun mẹ́rin ni Ionic, ẹni tí kò bá sì fẹ̀sọ̀ wò ó lè kà á mọ́ Versa, tí kò sí nínú ìpè náà rárá. FB503 tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n ta Ionic láti ọdún 2017 títí di 2021, ẹni tó bá sì rí FB503 lẹ́yìn aago tòkunbọ̀, kó má rà á, kó má sì ṣájì rẹ̀.

Apple ní okùn tó rọrùn jù, ó sì ní pàkúté tó burú jù. Okùn rẹ̀ kì í lo irin onísípíríǹgì, ńṣe ló máa ń yọ́ wọ ojú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ìwọ̀n méjì péré ló sì wà: kékeré àti ńlá. Aago 38, 40 àti 41 ń lo kékeré. Aago 44, 45 àti 49 ń lo ńlá. Ìṣòro wà lọ́dọ̀ 42. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé Series 3, 42 ni aago tó tóbi jù, okùn ńlá ló sì gbà. Nígbà tí Series 10 jáde ní ọdún 2024, 42 ti di èyí tó kéré nínú méjì, okùn kékeré ló ń lò. Nítorí náà, oníbàárà tó bá kọ̀wé pé "42 ni tèmi" kò tíì sọ nǹkan kan. Kí olókùn béèrè fọ́tò iwájú tí iná rẹ̀ wà ní títàn: ojú Series 3 ní igun ṣóńṣó àti etí dúdú tó fẹ̀, ti Series 10 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu, igun rẹ̀ sì rí roboto. Ní ti áàpù, kò sí àríyànjiyàn: áífóònù nìkan ni Apple Watch ń bá lò. Fóònù Àńdírọ́ìdì kò lè ṣí i.

Gbólóhùn yẹn ló sì ń tú àṣírí ayédèrú. Aago ńlá onígun mẹ́rin tó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n ń pè ní Ultra lọ́jà, lè ní okùn tó yọ́ wọ ihò gẹ́gẹ́ bíi ti Apple gan-an. Okùn Apple ńlá sábà máa ń wọ̀ ọ́, olókùn sì lè tà á pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùtajà bá ní ó ń bá Àńdírọ́ìdì ṣiṣẹ́, kì í ṣe Apple. Áàpù irú aago bẹ́ẹ̀ kò ṣeé mọ̀ láti iwájú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi ló ń ra ara kan náà tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ inú tó yàtọ̀ sí i. Aago méjì tó jọra bí ìbejì lè wà lórí àtẹ kan, kí ọ̀kan máa lo FitPro, kí èkejì máa lo Wearfit Pro. Inú aago náà fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà: kí wọ́n wọ Settings rẹ̀ wá àmì onígun mẹ́rin dúdú-òun-funfun tí fóònù máa ń fi kámẹ́rà kà. Àmì yẹn ló ń tọ́ fóònù lọ sí áàpù tó tọ́. Fọ́tò ojú ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn gbà lọ́wọ́ olùtajà ayédèrú, kì í ṣe ti ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ń ra Apple Watch gidi ní tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè fọ́tò kan sí i: ojú aago náà lẹ́yìn tí wọ́n ti nu gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò, tó ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ tuntun. Bó bá ń béèrè àkáǹtì Apple ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan lọ́jà tó lè fi òtítọ́ inú ṣí i. Ẹni tó ni àkáǹtì náà nìkan ló lè yọ aago kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ra okùn fún irú aago bẹ́ẹ̀, ẹ má sì san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí olóhun yóò fi tú u sílẹ̀ lójú yín.